Bí Ọkàn Kò Bá Fà Sí I: Ìdáhùn sí Aládìrẹ Ìtòkú

*Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, ọmọ ọdún 28 ni mí. Ọ̀rẹ́ mi kan ló mú èmi àti ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Òkè-Mósàn mọra. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí a ti ń bára wa sọ̀rọ̀ lórí Wáṣáàpù, ẹ̀ẹ̀mẹta la sì ti jọ jókòó jẹun. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó máa ń béèrè àlàáfíà ìyá mi, ó tiẹ̀ ra fáànù oníbátìrì fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò fà sí i rárá. Bí ìpè rẹ̀ bá wọlé, ńṣe ni mo máa ń wo fóònù títí yóò fi dákẹ́. Kò tíì ní kí n fẹ́ òun, èmi náà ò sì tíì ṣèlérí kankan. Mo ti kọ èyí sílẹ̀, ọwọ́ mi ò gbà á láti fi ránṣẹ́:*

*«Ẹ káàsán sà. Ẹ má bínú pé ẹ ò gbúròó mi, iṣẹ́ ló pọ̀. Mo ti ń ronú, ó dà bíi pé n ò tíì ṣetán fún ìfẹ́ lásìkò yìí. Ẹ dára ju ẹni tó tọ́ sí mi lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣì fi sínú àdúrà, ohun tí Ọlọ́run bá fẹ́ ni yóò ṣẹ. Ẹ má jẹ́ ká jìnnà síra wa o.»*

*Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?*

Àbúrò mi, má fi í ránṣẹ́. Kò sí èébú nínú rẹ̀, ó sì hàn pé o ò fẹ́ kó dun ọmọlọ́mọ. Àmọ́ ká ní èmi ni ọkùnrin yẹn, bí mo bá kà á tán, káàdì ìpè ni màá rà ránṣẹ́ sí ọ, màá sì máa dúró.

Wò ó bí yóò ṣe kà á. O ní iṣẹ́ ló pọ̀. Ohun tí yóò gbọ́ ni pé bí iṣẹ́ bá ti dínkù, àárín yín á tún dán. Tó bá di Sátidé, yóò bi ọ́ bóyá ọjà ti fúyẹ́ díẹ̀, yóò ní kí òun wá fi mọ́tò bá ọ kó aṣọ. Abẹ́òkúta yìí ò sì tóbi tó bí a ṣe ń rò ó. Ẹ lè ṣe kòńgẹ́ ní Pánṣẹ́kẹ́ nígbà tí ìwọ àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń rẹ́rìn-ín lọ, tàbí kó rí ọ lórí sítátọ́ọ̀sì ẹlòmíràn tí o ń jó níbi ìgbéyàwó. Ọjọ́ yẹn ni yóò mọ̀ pé irọ́ lo pa fún òun, irọ́ yẹn á sì dùn ún ju kíkọ̀ lọ.

O tún ní o ò tíì ṣetán fún ìfẹ́. Ọkùnrin tó ní sùúrù á ní òun á dúró dìgbà tí o bá ṣetán, ẹ̀bi kankan ò sì sí lọ́rùn rẹ̀, torí ohun tí o sọ fún un nìyẹn. Bí ẹlòmíràn bá wá dé lóṣù méjì sí i, tí ọkàn rẹ fà sí onítọ̀hún ńkọ́? Ti pé ó dára ju ẹni tó tọ́ sí ọ lọ yẹn, kò sí obìnrin tí kì í sọ ọ́, kò sì sí ọkùnrin tó gbà á gbọ́. Pa á rẹ́.

Àdúrà yẹn ló wá bà mí lẹ́rù jù. Àwa Yorùbá mọ̀ ọ́n lò dáadáa. Bí nǹkan ò bá wù wá, tójú sì ń tì wá láti kọ̀, a óò gbé e lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ẹni tó sọ ọ́ mọ̀ pé òun ti kọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ ọ lè gbé e tọ wòlíì tàbí ààfáà lọ. Kí o tó mọ̀, ìyá rẹ̀ ti ń gba ààwẹ̀ lé e lórí. Bí wòlíì bá wá ní ìwọ gan-an ni wọ́n fi han òun ńkọ́, ta ni yóò tú u? (Má rẹ́rìn-ín, irú rẹ̀ ti dé etígbọ̀ọ́ mi.)

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n o lè sọ ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ kó sì yé ẹni tí o ń sọ ọ́ fún. Kò gbọdọ̀ ka àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ tán kó máa ro ó bóyá ó ti parí tàbí kò tíì parí. Èyí tí mo rò pé o lè fi ránṣẹ́ rèé. Fi orúkọ tí o máa ń pè é bẹ̀rẹ̀, kí o sì máa lo «ẹ» tí o ń lò fún un tẹ́lẹ̀, má torí pé o fẹ́ kúrò bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní «o»:

«Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí n ti bá yín sọ. Inú mi dùn sí bí ẹ ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan yìí, àti bí ẹ ṣe máa ń béèrè ìyá mi. Ṣùgbọ́n mo ti yẹ ọkàn mi wò dáadáa, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ò sí níbẹ̀ látọ̀dọ̀ tèmi, n ò sì rò pé yóò wá. Mo fẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ àárín wa mọ síbí. Ẹ ò ṣẹ̀ mí rárá. Mo kàn rò pé kò dáa kí n máa fi àkókò yín ṣòfò ni. Ẹ ṣeun gan-an.»

Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá ti gùn jùyẹn, àwíjàre ni yóò dà, àwíjàre sì ni èèyàn máa ń fèsì sí. Ọ̀rọ̀ nípa ìyá rẹ yẹn, má yọ ọ́. Òun ni yóò jẹ́ kó mọ̀ pé òun gan-an lo kọ ọ́ sí, pé kì í ṣe pé o dà á kọ láti inú fóònù ẹlòmíràn. «N ò sì rò pé yóò wá» yóò mú ọwọ́ rẹ gbọ̀n nígbà tí o bá ń tẹ̀ ẹ́, mo mọ̀, ṣùgbọ́n bí o bá yọ ọ́, ó ti ku ibi tí yóò dúró sí. Má ṣe kó àléébù rẹ̀ sílẹ̀, bí ó bá tiẹ̀ ní. Pé ó máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, pé ẹ̀rín rẹ̀ ò wù ọ́: kí ni yóò fi ìyẹn ṣe? Ìwà téèyàn lè tún ṣe ni yóò pè é, yóò sì ní òun á tún un ṣe.

Wàá rí i pé n ò fi àdúrà parí rẹ̀. «Ọlọ́run á fún yín lẹ́ni tó dára jù mí lọ» dùn lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ kì í fẹ́ kí ẹni tó kọ òun máa wá ìyàwó fún òun. N ò fi «ká máa ṣe ọ̀rẹ́» síbẹ̀ náà. Bí ẹ ó bá di ọ̀rẹ́, ẹ ó dà á lẹ́yìn oṣù mélòó kan, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣèlérí rẹ̀.

Ẹlòmíràn lè sọ pé lójúkojú ló yẹ kí irú ọ̀rọ̀ báyìí ti wáyé. Ká ní o ti jẹ́ hẹn fún un ni, tó ti mọ ilé yín, tí àwọn òbí ti ń gbọ́ orúkọ rẹ̀, èmi náà á ní kí o lọ jókòó síwájú rẹ̀. Àmọ́ láyé àtijọ́ pàápàá, kí ọmọbìnrin tó ṣíhùn, ẹni tó ń tọrọ rẹ̀ ò ní ẹ̀tọ́ kankan lórí rẹ̀, alárinà ló ń lọ tó ń bọ̀, wọ́n sì ń ṣe ìwádìí lọ́tùn-ún lósì. Ibẹ̀ náà lẹ wà báyìí, ìyẹn ohun tí ẹ̀yin ọmọ ìwòyí ń pè ní tọ́kìn sitéèjì. Bí o bá pè é wá sí Kútọ̀ nítorí kí o lè kọ̀ ọ́, yóò wẹ̀, yóò lọ aṣọ, yóò wọ mọ́tò wá, á wá jókòó níwájú àwo oúnjẹ, á sì máa tún ojú ṣe. Àtẹ̀jíṣẹ́ yóò jẹ́ kó kà á níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti wò ó. Má fi ohùn ránṣẹ́. Ohùn a máa wárìrì, a máa gùn, ó sì rọrùn láti tari sí ẹlòmíràn.

Àkókò ṣe pàtàkì. Má fi í ránṣẹ́ láàárọ̀ nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, má sì dúró di ọ̀gànjọ́. Ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tó bá ti délé, ló dára. Kí o má sì fi í ránṣẹ́ tán kí o dínà mọ́ nọ́ńbà rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Dúró fún èsì kan.

Bí èsì yẹn bá jẹ́ «Ó ti yé mi, ẹ ṣeun», dúpẹ́, kí ó tán síbẹ̀. Bí ó bá ní «Kí ni mo ṣe?», sọ fún un pé kò ṣe nǹkan kan, pé ohun tí o kọ náà ni gbogbo rẹ̀. Ó lè ní kí o fún òun lóṣù kan sí i. Ìdáhùn rẹ ni: «Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n mo ti pinnu.» Lẹ́yìn ìyẹn, má fèsì mọ́, ì báà bẹ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ẹni tí a kọ̀ lè kọ ọ̀rọ̀ kíkan kan nígbà tí ara ń ta á, fi í sílẹ̀ fún un. Bí ó bá jẹ́ ìhàlẹ̀ ni, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró dè ọ́ lẹ́nu ìsọ̀, tọ́jú àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ náà, dínà mọ́ nọ́ńbà rẹ̀, kí o sì sọ fún àwọn ará ilé rẹ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ọ̀rẹ́ rẹ tó mú yín mọra, má rán an. Kì í ṣe alárinà, kò sì sí bí yóò ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀hún tí kò ní fi iyọ̀ tirẹ̀ sí i. Ọjọ́ kejì ni kí o sọ fún un, lẹ́yìn tí ọkùnrin náà bá ti kà á, kí ó má lọ jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Oúnjẹ tí ẹ jọ jẹ ti jẹ, kò sí gbèsè níbẹ̀. Fáànù yẹn ni n ò lè gbójú fò, nítorí ọkàn rẹ ti kúrò níbẹ̀ kí o tó gbà á. Má dárúkọ rẹ̀ nínú àtẹ̀jíṣẹ́ náà, kó má dà bí ìgbà tí ẹ ń ṣèṣirò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, dì í padà sínú páálí rẹ̀, ọ̀rẹ́ yín yẹn ló sì lè bá ọ gbé e lọ. Bí ọkùnrin náà bá ní òun ò gbà á, gbé e fún ìyá rẹ.