Bẹ̀rẹ̀ Lọ́dọ̀ Àwọn Tó Ti Mọ̀ Ọ́ Rí

*Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ ìṣirò owó, mo sì fẹ́ bọ́ sí ìdí iṣẹ́ ọ́dítọ̀ báyìí. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé kí n wá àwọn tó wà níbẹ̀ kí n bá wọn sọ̀rọ̀, àmọ́ ojú máa ń tì mí gan-an. Tí mo bá ti wà láàárín èrò, ẹnu mi á wúwo. Mo ti kọ àtẹ̀jíṣẹ́ kan sí ọ̀gá mi àtijọ́, ó ti pé oṣù méjì, mi ò tíì fi ránṣẹ́. Ọdún mẹ́rin ni mi ò ti kí wọn. Ṣé wọn ò ní sọ pé ìgbà tí mo nílò wọn ni mo rántí wọn? Ohun tí mo kọ rèé: “Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀gá mi. Ó ti pẹ́, ẹ má bínú. Mo ń wá iṣẹ́ ọ́dítọ̀. Mo fi ìwé ìtàn iṣẹ́ mi mọ́ ọn. Ohunkóhun tí ẹ bá lè ṣe, inú mi á dùn.”*

*Onítìjú*

Àbúrò mi,

Ọ̀gá yìí gan-an ni ẹni tó yẹ kí o kọ́kọ́ kọ̀wé sí, o ò ṣìnà níbẹ̀. Ohun tí o béèrè lọ́wọ́ wọn ló ń dá ọwọ́ rẹ dúró. Mo rò pé ìwọ náà ti fura, torí ẹni tó bá kọ ìwé tó tẹ́ ẹ lọ́rùn kì í gbé e pamọ́ fún oṣù méjì.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti ọdún mẹ́rin tí ẹ ò fi gbúròó ara yín. Bíi gbèsè ló rí lójú rẹ. Ní ọdún 2011, Daniel Levin, Jorge Walter àti Keith Murnighan tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní kí àwọn ọ̀gá lẹ́nu iṣẹ́ padà lọ bá àwọn tí wọn kò bá sọ̀rọ̀ mọ́ láti ó kéré tán ọdún mẹ́ta, kí wọ́n gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ wọn lórí iṣẹ́ kan tó wà nílẹ̀. Ìmọ̀ràn tí wọ́n rí gbà kò kéré rárá sí ti àwọn tí wọ́n ń rí lójoojúmọ́, ohun tuntun sì pọ̀ nínú rẹ̀ jù. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Àwọn tí ẹ jọ wà ní ọ́fíìsì lónìí, ohun tí o mọ̀ ni àwọn náà mọ̀. Ẹni tó ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ ti rí ilé-iṣẹ́ mìíràn, ó ti mọ àwọn ènìyàn mìíràn, síbẹ̀ kò gbàgbé irú òṣìṣẹ́ tí o jẹ́. Ìgbẹ́kẹ̀lé tí ẹ kọ́ nígbà yẹn kò wó.

Ní ti pé wọ́n lè bínú, ìwádìí mìíràn tún wà tí Peggy Liu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2022. Wọ́n rí i pé ẹni tó ń kọ̀wé kì í mọ bí inú ẹni tó gbà á yóò ṣe dùn tó. Ó máa ń fojú kéré rẹ̀. Ibi tí ẹni náà ò ti retí ìwé yẹn rárá ni ìdùnnú rẹ̀ sì ti máa ń pọ̀ jù. Ìyẹn ni pé ohun tí o ń bẹ̀rù, pé ó máa bá wọn lójijì, òun gan-an ló ń ṣiṣẹ́ fún ọ.

Ó kù sí ohun tí ìwé náà ń sọ. “Ohunkóhun tí ẹ bá lè ṣe” dàbí ìrẹ̀lẹ̀, àmọ́ ẹrù ló gbé lé wọn lórí. Àwọn ló máa jókòó ronú ohun tí o fẹ́, àwọn ló máa ka ìwé ìtàn iṣẹ́ rẹ, àwọn ló máa wá ẹni tó ń gba òṣìṣẹ́. Tí wọn ò bá ní iṣẹ́ kankan lọ́wọ́, ìdáhùn kan ṣoṣo tó kù fún wọn ni “rárá”, kò sì rọrùn fún ènìyàn láti sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ràn. Wọ́n á ní àwọn á dáhùn lọ́la. Ọ̀la yẹn kì í dé. Nígbà náà ni ìwọ á rò pé wọ́n kórìíra rẹ, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọn yóò sọ ni wọn ò rí.

Èmi ì bá kọ ọ́ báyìí:

“Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá mi. Mo wà ní ẹ̀ka ìṣirò owó nígbà tí ẹ jẹ́ olórí wa. Lóṣù tó kọjá mo rí ìnáwó kan tí wọ́n kọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, torí pé mo ṣì ń fi àkọsílẹ̀ báǹkì wé ìwé tiwa bí ẹ ṣe kọ́ wa. Mo rántí yín lọ́jọ́ náà. Mo ń rò ó láti bọ́ sí iṣẹ́ ọ́dítọ̀. Nínú àwọn ọ́dítọ̀ tó wá yẹ ìwé wa wò nígbà yẹn, kí ni àwọn tó mọṣẹ́ dáadáa ń ṣe tí àwọn yòókù kì í ṣe? Ìlà méjì péré tó fún mi, tí àyè ò bá sì sí, mo mọ̀ pé ọwọ́ yín dí.”

Wò ó dáadáa. Ìrántí kan wà níbẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́. Èyí tí mo kọ jẹ́ àpẹẹrẹ lásán, tìrẹ ni kí o fi sí i. Jókòó kí o ronú ohun kan tí o kọ́ lọ́dọ̀ wọn tí o ṣì ń lò. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, wọ́n sì mọ ìdáhùn rẹ̀ láìlọ wo ìwé kankan. Wọ́n lè fi fóònù dáhùn láàárín ìṣẹ́jú méjì. O kò tọrọ iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni o kò fi ìfẹ́ rẹ pamọ́, torí o ti sọ ibi tí o ń lọ. O ò sì tọrọ àforíjì fún ọdún mẹ́rin. Tí o bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “ẹ má bínú”, ìwọ lo kọ́kọ́ sọ fún wọn pé ẹ̀ṣẹ̀ wà nílẹ̀.

Tí wọ́n bá dáhùn, dúpẹ́ lọ́jọ́ kan náà, kí o wá béèrè ohun kejì: “Ta ni ẹ rò pé ó yẹ kí n tún béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé mo sì lè dárúkọ yín?” Ìbéèrè yìí ló yẹ kí onítìjú mọ̀ bí orúkọ ara rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá júwe fún ọ kì í ṣe àjèjì pátápátá mọ́. Orúkọ ọ̀gá rẹ á ti ṣáájú rẹ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tí wọ́n bá ní àwọn á so yín pọ̀, kọ ìlà mẹ́ta nípa ara rẹ àti ohun tí o fẹ́ mọ̀, kí wọ́n kàn lè fi ránṣẹ́ bó ṣe wà. Má jẹ́ kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ọ̀rọ̀ tí wọ́n á fi júwe rẹ.

Lẹ́yìn àwọn tí ẹ jọ ṣiṣẹ́ ni kí o tó yà sọ́dọ̀ àwọn tí ẹ jọ jáde ní ilé-ìwé kan náà. Lórí LinkedIn, ojú ewé ilé-ìwé rẹ ní ibi tí wọ́n kọ “Alumni” sí. Níbẹ̀ o lè yan iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe àti ilé-iṣẹ́ tí wọ́n wà, tí á fi ku ìwọ̀nba àwọn tó ń ṣe ọ́dítọ̀. Má lọ bá ẹni tó ga jù níbẹ̀. Wá ẹni tó fi ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ṣáájú rẹ, pàápàá ẹni tó ti ìdí ìṣirò owó bọ́ sí ọ́dítọ̀ bí ìwọ náà ṣe fẹ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò tíì gbàgbé ibi tí ẹsẹ̀ ti kọ́kọ́ kọ òun.

Ti ẹni tí o ò mọ̀ rí, tí ẹnikẹ́ni ò sì júwe fún ọ, ló kẹ́yìn, kó sì mọ níwọ̀nba. Nígbà tí èmi ń wá iṣẹ́, mo fi ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́ sí ogójì ènìyàn lọ́jọ́ kan. Ẹni méjì ló dáhùn. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi tìfẹ́tìfẹ́ pé òun ò rí ohun kankan níbẹ̀ tó fi hàn pé òun ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ó dùn mí, àmọ́ òótọ́ ni. Láti ìgbà náà, tí mi ò bá rí ohun kan pàtó nínú iṣẹ́ ẹni náà tí mo fẹ́ béèrè nípa rẹ̀, mi ò ní kọ̀wé sí i. Àyè tí LinkedIn fún ọ̀rọ̀ tó bá ìbéèrè ìsopọ̀ rìn kéré gan-an, nítorí náà gbólóhùn kúkúrú mẹ́ta ni: ibi tí o ti rí i, ohun kan tí o fẹ́ mọ̀, àti ìdúpẹ́.

Ìdákẹ́jẹ́ á pọ̀ níbí ju ti ọ̀dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́ lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, rán ẹni náà létí lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ìlà kan péré. Tí kò bá tún dáhùn, fi í sílẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ kò sọ fún ọ bóyá ó rí i, bóyá ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, tàbí bóyá òun náà ti ń gbé ìdáhùn pamọ́ fún oṣù méjì bíi tìrẹ.

Tí ẹnì kan bá ní kí ẹ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ní kó jẹ́ ogún ìṣẹ́jú. Kọ ìbéèrè mẹ́ta sórí ìwé kí o tó pè, kí o sì jẹ́ kí ìdáhùn rẹ̀ bí ìbéèrè kẹrin. Tí ogún ìṣẹ́jú bá pé, ìwọ ni kó kọ́kọ́ sọ ọ́. Ẹnu rẹ á fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó bá jẹ́ ẹnì kan, tí ohun tí o fẹ́ sọ sì wà lójú rẹ. Kò sí ẹni tó ní dandan ni kí o wọ àárín èrò.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe ni pé wọn kì í padà wá sọ bó ṣe lọ. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́yìn tí ẹnì kan bá gbà ọ́ nímọ̀ràn, kọ̀wé sí i: “Mo ṣe ohun tí ẹ sọ, ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé.” Má béèrè ohunkóhun nínú ìwé yẹn. Òun ni kò ní jẹ́ kí ọdún mẹ́rin mìíràn gorí ọdún mẹ́rin, òun náà ló sì dáhùn ẹ̀rù tí ń bà ọ́ pé ìgbà tí o bá nílò wọn nìkan lo máa ń rántí wọn.

Ẹni méjì ní ọ̀sẹ̀ kan ti tó ọ. Kọ ọ́ lálẹ́, sùn lé e, fi ránṣẹ́ láàárọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Tí o bá ti ka ìwé kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí o ò rí ọ̀rọ̀ kankan yí padà, ìwé náà ti pé. Ìtìjú ló kù. Tẹ bọ́tìnnì, kí o gbé fóònù náà síbi tí ọwọ́ rẹ ò ti ní tó o fún wákàtí kan. Ti ọ̀gá rẹ ni kó kọ́kọ́ lọ. Kọ̀wé sí mi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, yálà wọ́n dáhùn tàbí wọn ò dáhùn. Mo fẹ́ gbọ́.

Àǹtí rẹ