Ohùn eléèémí àti ohùn híhá

Ìbéèrè: Ṣé ohùn eléèémí tàbí ohùn híhá lè yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà?

Ní Yorùbá, rárá. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun Òkè Màpó n'Ìbàdàn, tó ń mí hẹlẹ, lè fi èémí pe "ọkọ̀". Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, tí ohùn rẹ̀ há, lè pè é náà. Ọkọ̀ náà ni a ó gbọ́. Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ la fi ń ya ọkọ́, ọkọ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀.

Ṣùgbọ́n ní Jalapa, ní Mẹ́síkò, àwọn tó ń sọ èdè Masatẹ́ẹ̀kì ń fi èémí àti híhá ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Ẹ wo "ya". Bí tán-án-ná inú ọ̀fun bá ń gbọ̀n déédéé, igi ni. Bí tán-án-ná bá là díẹ̀ tí èémí ń jò láàárín rẹ̀, ó di "ó wọ̀ ọ́". Bó bá fún pọ̀, tí ohùn ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ bí ilẹ̀kùn ògbólógbòó, "ó gbé e" ni.

Ohun tó wú mi lórí jù ni pé èdè náà ní ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ bíi tiwa. Èémí àti híhá máa ń ba ohùn wọ̀nyẹn jẹ́ létí, nítorí náà ìbẹ̀rẹ̀ fáwẹ́lì ni èémí àti híhá ti máa ń lágbára jù, kí ìyókù lè mọ́ kedere fún ohùn.