Íméèlì àtúntò tí mo kọ lẹ́ẹ̀mejì

"Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin àgbà, ọ̀gá wa ní kí n kọ íméèlì tí a ó fi sọ fún òṣìṣẹ́ pé ẹ̀ka méjì máa di ọ̀kan, àwọn kan á sì lọ. Báwo ni mo ṣe máa kọ ọ́ tí ọkàn àwọn tó kù ò fi ní dàrù?"

Mo ti kọ irú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ti àkọ́kọ́ bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ilé-iṣẹ́ tó ń pín ọjà kiri ni mo wà nígbà náà, ní Ìkẹjà, àwa bíi 120. Ọ̀gá ní kí n fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, aago márùn-ún àbọ̀ ìrọ̀lẹ́, kí kálukú lọ rò ó nílé. Ohun tí mo kọ ni pé àwọn àyípadà kan ń bọ̀ nítorí ìtẹ̀síwájú, àti pé mọ̀lẹ́bí kan ni gbogbo wa. Mi ò sọ iye èèyàn, mi ò dárúkọ ẹ̀ka, mi ò dá ọjọ́. Kó tó di aago méje, ẹnì kan ti kọ ọ́ sórí Wọ́sáàpù pé 60 ló ń lọ. Àwọn 14 péré ni. Awakọ̀ méjì tó mọṣẹ́ jù nínú wa, tí orúkọ wọn ò sí níbẹ̀ rárá, ti ríṣẹ́ síbòmíràn kí oṣù tó parí. Bàbá tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí wá bá mi láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ní: "Àǹtí, mọ̀lẹ́bí wo ló ń lé ọmọ tí kì í sọ ọmọ tó ń lé?" Mi ò rí èsì fún wọn.

Nígbà kejì, àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun la mú, kí ọjọ́ iṣẹ́ ṣì pọ̀ níwájú tí èèyàn lè fi bi wá léèrè. Aago mẹ́jọ, àwọn olórí ẹ̀ka gbọ́. Láti mẹ́jọ àbọ̀ la ti ń pe àwọn mẹ́sàn-án tó ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà wà nílẹ̀, iye owó tí wọ́n máa gbà wà nínú ẹ̀. Ẹnì kan nínú wọn wà nílé pẹ̀lú ìkókó, èmi ni mo lọ bá a nílé ní ìrọ̀lẹ́ àná ẹ̀. Aago mọ́kànlá ni íméèlì tó jáde, lórúkọ ọ̀gá fúnra wọn:

"Ẹ káàárọ̀ o. Láti ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀, ẹ̀ka ìpínkiri àti ilé ìkẹ́rùsí yóò di ọ̀kan. Owó dísù ti kọjá èrè lójú ọ̀nà méjì, a sì ti fi ọ̀nà méjèèjì sílẹ̀. Èèyàn 9 ń fi wá sílẹ̀ nítorí èyí. A ti bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀ lójúkojú. Bí a kò bá tíì pè yín, ẹ ò sí lára wọn. Owó oṣù yín kò yí padà. A kò tíì mọ ẹni tí ẹ̀yin ará ilé ìkẹ́rùsí yóò máa jábọ̀ fún, a ó sọ ọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀ yìí."

Gbólóhùn "bí a kò bá tíì pè yín" yẹn ni gbogbo ènìyàn ń wá kiri nínú íméèlì náà. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ ọ́ bí ó bá ku ẹyọ ẹnì kan tí ẹ ò tíì rí, ì báà wà ní ìsinmi tàbí ní ọsibítù. Ẹ fi íméèlì dúró ná.

Ọ̀gá fẹ́ kí n fi kún un pé irú ẹ̀ ò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Mo bẹ̀ wọ́n títí tí a fi yọ ọ́. Ta ló mọ iye tí dísù máa jẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀? Ohun tí a kọ ni pé a ò ní ètò mìíràn láti dín èèyàn kù kí ọdún tó parí, bí ó bá sì yí padà, ẹnu ọ̀gá ni wọ́n á ti kọ́kọ́ gbọ́.

Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ wo abala 20 nínú òfin iṣẹ́ Nàìjíríà. Ó ní kí ẹ sọ ìdí àti iye èèyàn fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí aṣojú wọn. Ó tún ní ẹni tó dé kẹ́yìn ni kó kọ́kọ́ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ lè wo ìmọ̀ iṣẹ́ àti bí èèyàn ṣe ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Òfin yẹn kì í ṣe ti máníjà, lẹ́tà tí wọ́n fi gbà wọ́n síṣẹ́ ni kí ẹ yẹ̀ wò. Nínú lẹ́tà àwọn tó ń lọ, kì í ṣe nínú íméèlì gbogbogbòò, a kọ ọ́ pé ẹni tí kò tíì pé 50 ọdún, tí kò bá ríṣẹ́ fún oṣù mẹ́rin, lè béèrè tó 25% owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ò mọ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ yẹn, gbogbo èsì tó wọlé sọ́dọ̀ mi ń béèrè pé, "Ṣé èmi náà wà níbẹ̀?" Nígbà kejì, èsì tó kọ́kọ́ wọlé, aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà, ló bi wá pé ta ni yóò máa buwọ́ lu ìwé dísù láti ọjọ́ kìíní.