Bí a ṣe ń kun iye tó ga jù ní ìlà kọ̀ọ̀kan nínú Excel

"Mo fẹ́ kí oṣù tí ọjà kọ̀ọ̀kan tà jù gba àwọ̀. Mo lo Top 10 Items, mo yí i sí 1, àmọ́ ẹyọ kan ló kùn nínú gbogbo tábìlì."

Ẹ kú iṣẹ́ o. Fọ́múlà lẹ máa lò. Gbogbo ohun tí ẹ yàn ni Top 10 ń kó pọ̀ wò, kì í wò ó ní ìlà-ìlà.

Ẹ pa ti àkọ́kọ́ yẹn rẹ́. Ẹ yan B2 dé M20, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti B2, kí ẹ wá lọ sí Conditional Formatting, New Rule, "Use a formula to determine which cells to format":

```
=AND(B2<>"",B2=MAX($B2:$M2))
```

Iwájú lẹ́tà nìkan ni àmì dọ́là ń wà. Tí ẹ bá kọ `$B$2:$M$2`, ìlà 2 ni gbogbo ìlà yòókù yóò máa fi ara wọn wé. Bí ìrẹsì tó wà ní ìlà 2 bá tà jù ní 65, tí ẹ̀wà sì dé 40 péré, ẹ̀wà kò ní gba àwọ̀ kankan.

`B2<>""` ń dáàbò bo ìlà tó ṣófo. Láìsí i, òfo di 0 lójú Excel, gbogbo ìlà náà á sì kùn.

Bí àpapọ̀ ọdún bá wà ní N, ẹ má fà á wọ inú rẹ̀, torí òun ni yóò máa borí. Oṣù méjì tó bá dọ́gba, méjèèjì ló máa gba àwọ̀.