Abọ́ tánganran kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ìtàn mi jẹ́

“Mò ń kọ ìtàn kúkúrú nípa bàbá kan tó kọ́lé sí abúlé, tó kú kó tó kó wọ inú ẹ̀. Mo fẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ ilé náà máa yọjú léraléra, kó gbé kókó ìtàn láìjẹ́ pé mo là á mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀ẹ̀melòó ló yẹ kó yọjú, kí n má baà ṣe àṣejù?”

Àbúrò mi, abọ́ tánganran ni tèmi. Funfun ni, etí rẹ̀ búlúù, ó ti hó níbì kan tí irin dúdú inú rẹ̀ fi yọ síta. Abọ́ tí ìyá kan máa ń bu oúnjẹ ọkọ rẹ̀ sí ni. Awakọ̀ tírélà ni ọkọ yìí, ó máa ń lọ sí Kánò, ó wá lọ lẹ́ẹ̀kan, kò padà. Ìyá náà kò yé bu oúnjẹ rẹ̀. Ìtàn náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojú ewé méje ni.

Olùkọ́ kan tó wá dá wa lẹ́kọ̀ọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta ló kọ́kọ́ ṣì mí lọ́nà. Ó ní àrokò ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀, pé kí n kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sínú ìwé kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Inú ṣì ń bí mi sí ọ̀rọ̀ yẹn títí dòní. Bí wọ́n bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ènìyàn láyé àtijọ́, ẹni tó gbà á ti mọ̀ pé ẹfà ni, pé ọkàn ẹni tó fi ránṣẹ́ ń fà sí òun. Àdéhùn ti wà lórí rẹ̀ kí oníṣẹ́ tó kúrò nílé. Abọ́ inú ìtàn kò ní àdéhùn kankan. Ojú òǹkàwé ni ó ti ń gba ìtumọ̀, díẹ̀díẹ̀, nípa ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Èmi wá lọ kọ “ìdúró” sórí bébà, mo sì ń ti abọ́ bọ inú gbogbo ìran kó lè jíṣẹ́ ìdúró. Nígbà tí mo kà á, ẹ̀ẹ̀mọkànlá ló yọjú. Níbì kan, mo kọ ọ́ pé: “Abọ́ náà jókòó sórí tábìlì bí opó tó ń retí òkú ọkọ rẹ̀.” Mo fẹ́ràn gbólóhùn yẹn púpọ̀, òun gan-an ni àrùn náà.

Bí mo ṣe tọ́jú rẹ̀ nìyí. Mo mú báírò pupa, mo yí gbogbo ibi tí abọ́ ti yọjú ká, mo sì ń béèrè lọ́wọ́ ara mi: láti ìgbà tí a ti rí i kẹ́yìn, kí ló yí padà lára abọ́ yìí? Ṣé ọwọ́ ẹlòmíràn ló wà? Ṣé ohun inú rẹ̀ ti yàtọ̀, àbí ibi tí wọ́n gbé e sí? Bí kò bá sí ìyípadà, mo fa ìlà kọjá. Méje lọ, mẹ́rin kù.

Nínú ìkíní, ìyá ní kí ọmọ gbé abọ́ bàbá rẹ̀ wá láti orí kọ́bọ́ọ̀dù, ó bu iyán sí i, ó fi ẹran mẹ́ta lé ọbẹ̀, ó fi ọmọrí dé e. Àárín ìpínrọ̀ tó ń sọ̀rọ̀ nípa òjò ni mo sin ín sí. Má fi ìgbà àkọ́kọ́ parí ìpínrọ̀ láé, nítorí ibẹ̀ ni ojú òǹkàwé máa ń dúró sí, yóò sì fura. Nínú ìkejì, bàbá ti lọ. Ilẹ̀ mọ́, ọmọ ṣí ọmọrí, ọbẹ̀ ti kan, ìyá ní kó dà á fún ajá, kó sì fọ abọ́ náà dáadáa. Nínú ìkẹta, oṣù ti ń gorí oṣù. Mi ò sọ iye oṣù. Ẹran mẹ́ta ti di ẹyọ kan, ẹyọ kan ti di omi ọbẹ̀ lásán, ṣùgbọ́n ọmọrí ṣì wà lórí rẹ̀. Nínú ìkẹrin, àbúrò ọmọ náà ti ilé ìwé dé, ebi ń pa á, ìyá sì bu ẹ̀bà tirẹ̀ sínú abọ́ yẹn. Kò sí ọmọrí. Ọmọ náà jẹ ẹ́ tán, ó fi ìka lá a, ìyá ní: “Ṣé o yó?” Ìtàn parí síbẹ̀.

Mo ka ẹ̀dà yẹn fún àwọn obìnrin mẹ́fà kan ní pálọ̀ mi. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan béèrè pé: “Ọmọrí yẹn ńkọ́, ibo ló wà?” Ọmọrí ló ń wá! N ò kọ ọ̀rọ̀ kan nípa rẹ̀ nínú ìkẹrin ju pé kò sí.

Mo wá fi í ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn kan. Olótùú wọn gbà á, inú mi dùn, mo ní kí àwọn ará ilé rà á. Nígbà tí mo ṣí i, ó ti fi gbólóhùn kan sí ìsàlẹ̀ láìbi mí: “Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ìyá mi ti gbà pé bàbá mi kò ní padà wá mọ́.” Mo kà á ní ìdúró, nínú oòrùn, níwájú ẹni tó ń ta ìwé. Mo pè é. Ó ní àwọn òǹkàwé kò ní mọ̀. Mo ní àwọn obìnrin mẹ́fà mọ̀, ó ní ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n. Ọkùnrin yìí kàwé gidi o, ṣùgbọ́n kò gbà pé ẹni tó ti dúró de ènìyàn rí lè mọ ìdúró tó bá rí i. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó béèrè ọmọrí lọ́wọ́ mi mọ́. Wọ́n á ní “ìtàn tó dáa ni,” wọ́n á ṣí ojú ewé tó kàn. Nítorí náà, kí o tó fún ẹnikẹ́ni ní ìtàn rẹ, gba ìlérí pé wọn kò ní fi ohunkóhun kún un láìfi hàn ọ́, kó sì jẹ́ ní àkọsílẹ̀.

Ìwọ náà lè jẹ́ olótùú burúkú fún ara rẹ. Wá “bí ẹni pé” àti “ó dà bí” nínú gbogbo ìpínrọ̀ tí kọ́kọ́rọ́ bá wà. Wá orúkọ kókó ìtàn rẹ pẹ̀lú. Bí ọ̀rọ̀ rẹ bá jẹ́ àbámọ̀, “àbámọ̀” kò gbọdọ̀ bá kọ́kọ́rọ́ pàdé nínú ìpínrọ̀ kan náà.

Àwọn nǹkan kan sì wà tí àwa Yorùbá ti fún ní ìtumọ̀ tipẹ́. Bí o bá ní wọ́n gbé igbá fún ọba ṣí, kò sẹ́ni tó máa dúró gbọ́ tìrẹ. Kọ́kọ́rọ́ ń fẹ́ jọ bẹ́ẹ̀, nítorí àdúrà kọ́kọ́rọ́ àṣeyọrí tí à ń gbà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Òun ló fi yẹ kí tìrẹ jẹ́ kọ́kọ́rọ́ ilé kan ṣoṣo yẹn: so ó mọ́ àkísà, jẹ́ kí eyín rẹ̀ kan ti wọ́, kó jẹ́ pé ó di dandan kí wọ́n gbé ilẹ̀kùn sókè díẹ̀ kí ó tó yí. Jẹ́ kó ṣiṣẹ́ kó tó jẹ́ ohunkóhun.

Iye ìgbà tí o béèrè, ẹ̀ẹ̀mẹta ti tó fún ojú ewé márùn-ún, mẹ́rin fún méje. Ẹni tó mọ̀ pé wọ́n gbọ́dọ̀ gbé ilẹ̀kùn yẹn sókè ni kí o ronú sí. Bàbá nìkan ni, títí ó fi kú. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbé òkú rẹ̀ wọ inú ilé náà, jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ ki kọ́kọ́rọ́ bọ ihò, kó má yí, kí gbogbo wọn dúró síta.