Ìwé Àdéhùn Ojú Ewé Kan fún Ẹni Tó Ń Gba Iṣẹ́ Yíya Lógò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Lógò ni mo máa ń yà fún àwọn oníṣòwò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹnì kan tó ń di kajú sínú àpò fún títà fẹ́ kí n ya lógò àti àwòrán ara àpò fún òun ní ₦200,000. Oníbàárà tí mo ṣe iṣẹ́ fún kẹ́yìn fi àtúnṣe dá mi lágara, kò sì san owó tó kù. Kí ni kí n kọ sínú ìwé àdéhùn tí kò ní gùn jù?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ náà. Ojú ewé kan tó fún iṣẹ́ yìí, bí ohun tí ẹ kọ nípa owó àti ohun tí ẹ kọ nípa ẹni tó ni iṣẹ́ bá ti bára mu.

Ẹ kọ́kọ́ dárúkọ ohun tí ẹ máa fi lé oníbàárà lọ́wọ́ gan-an. Bí ẹ bá kọ “àwòrán ara àpò” lásán, ó lè ní àpò kékeré àti ńlá ló wà nínú owó kan náà. Ẹ kọ ọ́ pé lógò kan ni, pẹ̀lú àwòrán iwájú àti ẹ̀yìn fún àpò oníwọ̀n kan ṣoṣo, ti gíráàmù 100, àti fáìlì PDF tí atẹ̀wé máa lò. Ẹ fi kún un pé owó títẹ̀ kò sí nínú rẹ̀, àti pé oníbàárà ni yóò fún yín ní gbogbo ọ̀rọ̀ tó máa wà lára àpò, títí kan nọ́ńbà NAFDAC.

Àtúnṣe ló ti dá yín lágara, nítorí náà ẹ má ṣe kọ “àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mejì” kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ sọ ohun tí ẹ̀ẹ̀kan jẹ́: kí oníbàárà kó gbogbo ohun tó fẹ́ yí padà jọ sínú àtẹ̀jíṣẹ́ kan. Èyí tó bá lé ní méjì, kó san ₦10,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá yí orúkọ ọjà padà lẹ́yìn tó ti fọwọ́ sí lógò, iṣẹ́ tuntun nìyẹn, owó tuntun ni. Ẹ dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo tó lè fọwọ́ sí iṣẹ́, torí ìyàwó lè fẹ́ àwọ̀ ewé lónìí kí ọkọ wá ní pupa lòun fẹ́ lọ́la. Bí ẹni náà kò bá fèsì láàárín ọjọ́ méje, kí ẹ gbà pé ó ti tẹ́wọ́ gba iṣẹ́.

Ní ti owó, kó san ₦80,000 lọ́jọ́ tí ẹ bá fọwọ́ sí ìwé, ₦60,000 nígbà tó bá yan lógò, àti ₦60,000 tó kù kí ẹ tó fi fáìlì tó mọ́ rekete ránṣẹ́. Kó tó san ìyẹn, àwòrán tí ẹ kọ orúkọ yín gba àárín rẹ̀ kọjá ni kó máa rí. Ẹ má ṣe gbà kó kọ “lẹ́yìn iṣẹ́” sí owó ìkẹyìn, torí kò sí ẹni tó lè tọ́ka sí ọjọ́ tí ìyẹn bọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ni iṣẹ́ ni mo rọ̀ yín pé kí ẹ fara balẹ̀ kọ jù. Lábẹ́ Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti Nàìjíríà ti ọdún 2022, ẹ̀yin tí ẹ ya lógò lẹ ni ẹ̀tọ́ àdàkọ rẹ̀, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti sọ ẹni tó lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ tàbí lò ó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹlòmíràn ló gbé iṣẹ́ fún yín, àyàfi tí ẹ bá kọ ohun mìíràn sílẹ̀. Kíkọ sílẹ̀ náà ni ẹ̀tọ́ yìí sì fi ń kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ oníbàárà kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n rò pé nígbà tí àwọn ti san àsansílẹ̀, àwọn ló ni ín. Ẹ kọ ọ́ báyìí: “Ẹ̀tọ́ àdàkọ lórí lógò àti àwòrán ara àpò tí oníbàárà yàn yóò di tirẹ̀ ní ọjọ́ tí gbogbo owó bá pé, kì í ṣe ṣáájú.” Bó bá wá gbé àwòrán náà lọ fún atẹ̀wé ní Tákìé láìsan ₦60,000 ìkẹyìn, kì í ṣe gbèsè nìkan ló jẹ, ó ń lo ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, ẹ sì lè pè é lẹ́jọ́ lórí ìyẹn náà. Àwọn àwòrán tí kò yàn ṣì jẹ́ tiyín. Bí ẹ bá fẹ́ máa fi iṣẹ́ náà han àwọn oníbàárà mìíràn, ẹ kọ ìyẹn pẹ̀lú.

Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú pé ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin méjèèjì lè fòpin sí àdéhùn bó bá fi ìwé sọ ọ́ ní ọjọ́ méje ṣáájú. Bí oníbàárà bá jáwọ́ lẹ́yìn tó ti yan lógò tó sì ti sanwó rẹ̀, ₦140,000 ti di tiyín, kò sì jẹ yín ní ₦60,000 mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: gbólóhùn tí mo kọ́ yín lókè ní kí gbogbo owó pé, nítorí náà lógò tó ti sanwó rẹ̀ kò ní di tirẹ̀ láé, èyí sì lè dá ìjà sílẹ̀. Ẹ fi kún un pé bí àdéhùn bá parí láàárín ọ̀nà, ohun tó ti fọwọ́ sí tó sì ti sanwó rẹ̀ nìkan ni yóò di tirẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ jáwọ́, kí ẹ dá owó ohun tí ẹ kò tíì fi lé e lọ́wọ́ padà.

Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i pẹ̀lú déètì, kí ẹ tó gba ₦80,000 àkọ́kọ́.