Ọdún 10 tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì

"Ẹ jọ̀ọ́, fíríìjì mi kò tutù mọ́. Wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé wáráńtì ọdún 10 ló ní, mi ò sì tíì lò ó tó ọdún 3. Ẹni tí ilé-iṣẹ́ rán wá ní màá sanwó. Ṣé wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀?"

Wọ́n lè ṣe é, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń ṣe é. Ẹ wá ìwé wáráńtì gan-an jáde, ẹ gbàgbé sítíkà ara ilẹ̀kùn. Ẹ óò rí i pé kọ́ńpúrẹ́sọ̀ nìkan ni ọdún 10 yẹn wà fún. Ọdún 1 ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń fún ìyókù ara fíríìjì, àwọn mìíràn ń fún un ní 2. Kọ́ńpúrẹ́sọ̀ ọ̀hún náà, òun lásán ni wọ́n sábà máa ń gbé fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Owó iṣẹ́, gáàsì tí wọ́n máa tún rọ sí i, owó ọkọ̀, ọrùn yín ni gbogbo rẹ̀ wà. Nítorí náà, ẹ bi ẹni yẹn pé owó kí ni. Bó bá jẹ́ ti iṣẹ́ àti gáàsì, ó ṣeé ṣe kí ìwé gbè é. Bó bá jẹ́ ti kọ́ńpúrẹ́sọ̀, ẹ má san án.

Ibi tí wọ́n ti fojú mi rí màbo nìyí. Fíríìjì ínfátà ni tèmi. Ẹni tí wọ́n rán wá gbọ́wọ́ lé ẹ̀yìn rẹ̀, kò gbọ́ kó dún, ló bá ní bọ́ọ̀dù ló jó, bọ́ọ̀dù kò sì sí nínú wáráńtì mọ́. Mítà tí wọ́n fi ń yẹ wáyà wò wà nínú àpò rẹ̀, kò yọ ọ́. Bẹ́ẹ̀, nínú fíríìjì ínfátà, bọ́ọ̀dù ló ń gba iná, tó ń yí i padà, kó tó fún kọ́ńpúrẹ́sọ̀. Èyíkéyìí nínú méjèèjì ló kú, fíríìjì máa dákẹ́ ni, ojú lásán kò sì lè mọ èwo. Ṣùgbọ́n ọdún 1 ni bọ́ọ̀dù ní, ọdún 10 ni ti kọ́ńpúrẹ́sọ̀. Ṣé ẹ rí ìdí tó fi máa ń jẹ́ bọ́ọ̀dù lẹ́nu wọn?

Ẹ ní kó wọ̀n ọ́n níṣojú yín. Kó yọ fíríìjì kúrò lára iná, kó dúró díẹ̀ torí iná máa ń kù sínú bọ́ọ̀dù, kó wá yọ wáyà kúrò lórí ẹnu mẹ́ta tó wà lára kọ́ńpúrẹ́sọ̀. Kó wọn ẹnu wọ̀nyẹn ní méjì méjì. Ohun tí mítà máa sọ nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Kó tún wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sí ara irin kọ́ńpúrẹ́sọ̀, níbẹ̀ mítà kò gbọdọ̀ sọ nǹkan kan. Bí méjì kan bá yàtọ̀ gan-an, tàbí tí mítà sọ̀rọ̀ nígbà tó kan irin, kọ́ńpúrẹ́sọ̀ ti bàjẹ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá dọ́gba, ọ̀rọ̀ kò tíì parí, torí inú kọ́ńpúrẹ́sọ̀ lè há láìjẹ́ pé wáyà rẹ̀ jó. Kí wọ́n gbé bọ́ọ̀dù tó dára sí i, kí wọ́n wò ó.

Lára tèmi, nígbà méjì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mítà kò sọ nǹkan kan rárá. Wọn kò lè pe bọ́ọ̀dù mọ́, ni wọ́n bá yí ohùn padà: iná tó ń lọ sókè sódò ló ba kọ́ńpúrẹ́sọ̀ jẹ́, ìwé sì yọ ìyẹn sílẹ̀. Òótọ́ ni pé ìwé yọ ọ́ sílẹ̀. Mo ní, bọ́ọ̀dù ni iná ń kọ́kọ́ dé, fíúsì rẹ̀ kò já, kò sí ibi tó dúdú lára rẹ̀, báwo ni iná ṣe fò ó kọjá? Mo ní kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi kọ̀ sínú ìwé, pẹ̀lú nọ́ńbà ìlà tí wọ́n gbé e lé nínú wáráńtì. Ẹnu wọn yá nígbà tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, àmọ́ kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ sí i. Wọ́n gbé kọ́ńpúrẹ́sọ̀ wá. Mo san owó iṣẹ́ àti gáàsì.

Ẹ má jẹ́ kí oníṣẹ́ kankan gé páìpù fíríìjì yín báyìí o, ìbáà jẹ́ láti kàn wo gáàsì. Ojú ibi tí wọ́n bá jó pọ̀ ni ilé-iṣẹ́ máa nà sí yín pé ẹlòmíràn ti tú u. Sítíkà tí nọ́ńbà ẹ̀rọ wà lára rẹ̀, ẹ má fi kànìnkànìn ra á. Rìsíìtì náà, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lónìí, torí irú bébà yẹn máa ń parẹ́, bí kò bá sì sí i, ọjọ́ tí wọ́n ṣe ẹ̀rọ náà ni wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Bí wọ́n bá pààrọ̀ kọ́ńpúrẹ́sọ̀, ẹ má rò pé ọdún 10 tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tó kù lára ti àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ ìwé ń fúnni, nǹkan bí ọdún 7 fún yín. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà kọ́ńpúrẹ́sọ̀ tuntun sínú ìwé iṣẹ́ kí wọ́n tó kúrò nílé yín.